Baladiya Kì í Ṣí Lọ́jọ́ Jímọ̀

Lateefat fẹ́ràn láti mọ ìdí nǹkan. Kì í ṣe òfófó. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé onílé, ọ̀tọ̀ ni kéèyàn fẹ́ mọ ohun tó mú kí nǹkan rí bó ṣe rí. Kí ló dé tí ọkùnrin Pakistan tó ń se tíì karak nísàlẹ̀ ilé wọn ní Al Qasimia, ní Sharjah, fi máa ń da tíì láti òkè réré kó tó bọ́ sínú ife? Ó bi í. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó lè hó dáadáa ni. Ó tán. Ṣùgbọ́n inú Lateefat dùn títí ó fi gun àtẹ̀gùn délé, bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ náà ló gbé e dórí àga ọ́fíìsì. Ọmọ Ìwó ni. Iṣẹ́ sìkiọ́rítì ló gbé e wá sí Dubai, ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ló sì ń dúró sí, lórí ìdúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń bójú tó gbogbo wọn wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Lateefat kí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ti yẹ, ó wá bi í pé kí ló dé tí àwọn tó ń bọ̀ wá gbaṣẹ́ àti àwọn tó ń lọ fi ń pàdé lójú kan náà lẹ́nu géètì, tí ẹ̀yìn ilé á sì ṣófo. Ọ̀gá náà wò ó títí. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n mú un wá sí ọ́fíìsì wọn ní Muhaisnah, pé kó máa to àwọn èèyàn sẹ́nu iṣẹ́: ta ní ń lọ síbo, ìgbà wo, ta ló máa rọ́pò ta.

Ọ̀gá yẹn ni Alhaji Mùráínà.

Ará Ìsẹ́yìn. Ó ti lé ní ogún ọdún ní Dubai, kò sì sùn níbòmíràn rí láti ìgbà tó ti dé. Tẹ́ẹ bá ní kó wá kí yín ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai, yóò ní òun máa wá, kò ní wá. "Ibi tẹ́ ẹ ti ń sùn ni Sharjah," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ibi téèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ni Dubai." Ìmeèlì rẹ̀ kì í gùn. Kì í ní àṣìṣe. Tó bá ti kọ ọ́, ó ti di òfin. Àwọn awakọ̀ á gbéra, àwọn súpáfáísọ̀ á pín iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Àfi ọdún yìí. Mánéjà àgbà tuntun dé lẹ́yìn ààwẹ̀, obìnrin ará Kenya kan tó ń jẹ́ Phoebe. Kì í pariwo. Ó kàn sọ nínú ìpàdé àkọ́kọ́ tó ṣe pé òun fẹ́ fara balẹ̀ wo iṣẹ́ gbogbo àwọn àgbà ọ́fíìsì kí òun tó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun fún ẹnikẹ́ni. Àdéhùn ta ló sì ń bọ̀ wá parí? Ti Alhaji. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi pé baba ti ń dàgbà. Lateefat gbọ́. Kò dùn mọ́ ọn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù August, nígbà tí ooru ìta ń ṣe bí ẹni pé ó ní ẹjọ́ pẹ̀lú èèyàn.

Ìmeèlì kan wọlé láti ọ̀dọ̀ Alhaji. Ó lọ sọ́dọ̀ Phoebe, sọ́dọ̀ gbogbo súpáfáísọ̀, sọ́dọ̀ Gabriel tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì, sọ́dọ̀ Lateefat, ó sì lọ sọ́dọ̀ Shaji, ará Kerala tó jẹ́ aṣojú onílé. Ọ̀rọ̀ ilé tuntun àwọn sìkiọ́rítì ni. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní apá Sharjah máa kó kúrò ní Muhaisnah lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní Saja'a. Àyè wọn ní Muhaisnah máa parí lọ́jọ́ Sátidé; àwọn mìíràn ti ń dúró láti wọlé. Àmọ́ kí wọ́n tó lè so iná sí ilé Saja'a, baladiya, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ Sharjah, gbọ́dọ̀ rán èèyàn wá wò ó, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ilé náà. Alhaji to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n á wá wo ilé ní àárọ̀ Jímọ̀. Iná á dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọkọ̀ á kó ẹrù ní Sátidé.

Lateefat kà á. Ó tún un kà.

Jímọ̀ kẹ̀?

Asiat ọmọ rẹ̀ kì í lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Abdulsalam ọkọ rẹ̀, tó ń di ẹrù fáwọn oníṣòwò Èkó ní Al Ras ní Dubai, máa ń ráhùn pé òun nìkan ló ń jí nínú gbogbo ilé, torí pé Dubai ń ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, Sharjah sì ń sùn. Ìjọba Sharjah kì í ṣiṣẹ́ rárá lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọn kì í ṣe é ní Sátidé. Wọn kì í ṣe é ní Sọ́ńdè. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ ńkọ́?

Tí baladiya ò bá wá, kò síná. Tí kò bá síná, kò sí AC. Nínú oṣù August. Ilé tó kún fún ọkùnrin, ẹrù wọn nílẹ̀, àti ìmeèlì kan tí orúkọ Alhaji wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lójú mánéjà tó ní òun ń fara balẹ̀ wo iṣẹ́ àwọn àgbà.

Àga kan dún lẹ́yìn rẹ̀. Gabriel ti wọ́ tirẹ̀ súnmọ́ ọn. Ọmọ Sapele ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ló gbé dàgbà, Yorùbá ẹnu rẹ̀ dá ṣáká nígbà tó bá wù ú.

"Mummy Asiat. O ti rí i?"

"Kí ni mo rí?"

"Má ṣe bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan. Friday. Sharjah. Baladiya." Ó ń fi ìka ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Baba don fall hand."

"Rọra sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rín ò pa ọ́ ni? Bàbá tó ní kí n tún ìmeèlì mi kọ lẹ́ẹ̀mẹta torí orúkọ ojú ọ̀nà kan!"

"Gabriel, mo ní rọra."

Lateefat ò lọ bá Alhaji. Phoebe wà ní yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, gíláàsì sì ni ara ògiri. Ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ ti wọlé sójú gbogbo ayé. Fóònù ló mú. Ó kọ ọ́, ó pa á, ó tún un kọ, ó wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp:

"Àsàlámù aléékúmù Alhaji. Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ̀mí yín á gùn sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ Jímọ̀ tó wà nínú ìmeèlì yẹn, ṣé ó dájú sà? Ẹ má bínú sà."

Ó dúró. Àmì méjèèjì di búlúù. Alhaji ti kà á. Kò fèsì.

Dípò bẹ́ẹ̀, ìmeèlì tuntun wọlé. Sí gbogbo wọn, Phoebe náà nínú wọn. Gbólóhùn méjì. Àwọn kan ń béèrè bóyá ọjọ́ ìbẹ̀wò dájú. Ó dájú: àárọ̀ Jímọ̀, kò sí àyípadà kankan.

"Ye," ni Lateefat wí, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnu òun ló ti jáde.

Gabriel gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ka ohun tó fi ránṣẹ́, ó fi ọwọ́ bo ojú. "Kí lèyí? Sà, sà, sà, sà. Ibo ni baladiya wà nínú ẹ̀? Ó rò pé àwọn ọmọ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu pé àwọn ò fẹ́ kó lọ. You don make am worse, my sister. Ó ti wá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí."

Òótọ́ ni. Èyí tó sì ya Lateefat lẹ́nu jù nìyẹn. Ó ti di ọ̀wọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà lára débi pé ọ̀rọ̀ gan-an ò rí ibi yọjú. Ó bi Alhaji bóyá ó dájú. Ọkùnrin tó ti dá lójú, kí ló tún fẹ́ sọ?

"Yalla, ó yá, ó tó," ni Gabriel wí. "Mo máa ṣe reply all. Bọ́ọ̀sì mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa kàn sọ ọ́ jẹ́jẹ́: Dear Alhaji, kindly note that Sharjah..."

"O ò ní kọ ọ́."

"Kí ló dé?"

"Lójú Phoebe? Lójú àwọn súpáfáísọ̀ tó ń bẹ̀rù rẹ̀? Kò síbi tí 'kindly' fẹ́ bò nínú ẹ̀."

"Jẹ́ kí baba ṣe recall nígbà náà. Kó gbà á padà."

"Shaji ò sí nílé-iṣẹ́ wa, kò lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn tó ti kà á sì máa tún rí ìwé míì pé Alhaji ń fẹ́ gba ìmeèlì rẹ̀ padà. Ńṣe la máa fi lu agogo sí i."

Gabriel họ orí. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Alhaji ló bá a bẹ̀bẹ̀ nígbà tó fi ọkọ̀ kọlu òpó lọ́dún ìjẹta, ó sì mọ̀. "Mo gbọ́dọ̀ sọ fáwọn awakọ̀ mi lónìí," ló wí níkẹyìn. "Lẹ́yìn lunch. Tí o ò bá tíì yanjú ẹ̀ nígbà yẹn, khalas, ó tán, mo máa kọ ọ́."

Lateefat padà sórí àga rẹ̀. Ó yẹ kó máa ronú ohun tó máa sọ. Kò rí ìyẹn rò. Ohun tó gba ọkàn rẹ̀ ni pé: kí ló dé?

Kí ló dé tí ọkùnrin tí kì í ṣìnà fi mú ọjọ́ Jímọ̀? Ọjọ́rú la wà. Ọjọ́bọ̀ wà láàárín níbẹ̀, gbogbo ayé ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó fò ó. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fò ó. Tó bá jẹ́ pé ó kàn gbàgbé ni, kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìdánilójú tó tó yẹn. Ìdí kan wà níbẹ̀. Bí òun ò bá mọ ìdí yẹn, ohunkóhun tí òun bá sọ á dún létí rẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń ṣe àríyànjiyàn.

Alhaji kì í jẹun ní ọ́fíìsì. Tó bá ti kírun ọ̀sán tán, ìsàlẹ̀ ilé níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ló máa ń lọ. Á tan AC mọ́tò rẹ̀, á gbé ìrẹsì lé itan, á máa gbọ́ ìròyìn láti ilé lórí fóònù. Gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ pé wọn kì í yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀. Ibẹ̀ nìkan sì ni kò ní gíláàsì tí Phoebe lè gbà rí i.

Lateefat ra karak méjì ní káfitéríà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ó fi ẹ̀yìn ìka kan gíláàsì mọ́tò.

Alhaji sọ gíláàsì kalẹ̀. "Lateefat. Kí ló dé? Ṣé wọ́n tún ń jà lórí iṣẹ́ alẹ́ ni?"

"Rárá sà. Ẹ kú oúnjẹ sà. Mo kàn ní ìbéèrè kan ni."

"Ìwọ àti ìbéèrè!" Ó gbé fáìlì kúrò lórí àga kejì. "Wọlé, ooru á bó ọ láwọ̀. Tèmi nìyẹn? Ṣúgà ò pọ̀ níbẹ̀?"

"Mo ní kí wọ́n dín in kù sà."

Ó gbà á. Ó mu ún. Ó ń retí.

"Alhaji, ọjọ́ ìbẹ̀wò Saja'a yẹn. Kí ló mú kí ẹ yan Jímọ̀?"

Kò sọ pé ṣé ó dájú. Kò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ohun tó fẹ́ mọ̀ gan-an ló béèrè. Ó sì yà á lẹ́nu bí ojú baba náà ṣe tàn.

"Háà! Ìwọ nìkan lo bi mí." Ó gbé ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìgbà tí o dé ìlú yìí, wọ́n ti yí ọjọ́ ìsinmi padà, àbí?"

"Wọ́n ti yí i sà."

"Ṣé o rí i. O ò bá ti àtijọ́. Jímọ̀ àti Sátidé la fi ń sinmi nígbà yẹn. Sọ́ńdè, àwa ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà táwọn ará ilé ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi bí wọ́n ṣe yí i padà lọ́jọ́ kan, wọ́n ní Sátidé àti Sọ́ńdè la ó máa sinmi, Jímọ̀ á wá di ìdajì. Gbogbo èèyàn ní, ìdajì ọjọ́, kí la fẹ́ fi ṣe? Wọn ò gbé nǹkan gidi síbẹ̀ mọ́. Èmi wá rò ó. Tí kò bá sẹ́ni tó ń gbé nǹkan gidi síbẹ̀, a jẹ́ pé kò sí èrò níbẹ̀. Mo gbé ìwé kan lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láàárọ̀ Jímọ̀ kan báyìí. Lateefat! Ọkùnrin tó wà ní káńtà fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ mi. Látìgbà náà, gbogbo ohun tó bá le, àárọ̀ Jímọ̀ ni mo ń gbé e lọ. Wọ́n rò pé mo mọ èèyàn níbẹ̀ ni. Mi ò mọ ẹnì kankan. Jímọ̀ ni mo mọ̀."

"Ẹ wò ó!" ni Lateefat wí, tọkàntọkàn. Ohun tó ti ń ṣe é ní kàyéfì fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Bí àwọn ìwé Alhaji ṣe máa ń yá ju ti ẹlòmíràn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí. Fún ìṣẹ́jú kan, ó tiẹ̀ gbàgbé ohun tó gbé òun wá.

Nígbà tó rántí, ojú tì í díẹ̀. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú ife karak. Ta ló fẹ́ ba irú ẹ̀rín yẹn jẹ́? Ṣùgbọ́n ó ti gbìyànjú láti sọ ọ́ láìsọ ọ́, ó sì rí ibi tó já sí.

"Ọgbọ́n yẹn dára sà," ló wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ Dubai ni, sà. Sharjah ò mú ìdajì Jímọ̀ yẹn. Odindi ni wọ́n mú. Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè, ìjọba wọn kì í ṣiṣẹ́ rárá. Asiat mi kì í lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Jímọ̀. Baladiya wọn á wà ní títì di Mọ́ńdè sà."

AC mọ́tò ń fẹ́. Nínú fóònù, ẹnì kan ń ka ìròyìn ọ̀dà títì ní Ìbàdàn. Alhaji na ọwọ́, ó pa á.

"Odindi Jímọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí wọ́n ti yí i náà ni sà."

Ó wo iwájú, ibi tí ògiri wà. Lateefat ò wò ó lójú. Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀.

"Ìdí nìyẹn tí o fi bi mí láàárọ̀ bóyá ó dájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"O ò bá ti sọ ọ́."

"Ẹ má bínú sà. Mo rò pé mo sọ ọ́."

"O ò sọ nǹkan kan. 'Sà' lo fi kún un." Ṣùgbọ́n kò le mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ta ló ti rí i?"

"Èmi àti Gabriel sà."

"Phoebe ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ sà."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. Ní àkókò yẹn, ó dà bí ọkùnrin tó ti rẹ̀, tó ń ro ilé. Lateefat yára mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó ti kọ ohun kan sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìmeèlì láti ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ sí gbogbo wọn: pé òun ni Alhaji ní kí òun wádìí ọjọ́ tí baladiya ń ṣiṣẹ́, òun ló gbàgbé, kí wọ́n má bínú. Ó gbé e síwájú rẹ̀.

Alhaji kà á. Ó dá fóònù padà.

"Ìgbà wo ni mo ní kí o wádìí?"

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ sà, mo kàn ní kí..."

"Tí Phoebe bá pè ọ́, tó ní Lateefat, kí ló dé tí o gbàgbé? Wàá tún wá irọ́ míì pa. O ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ìdúró lẹ́nu géètì, o fẹ́ máa fi orúkọ rẹ bò mí láṣìírí. Rárá o. Pa á rẹ́. Kí n rí i pé o pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

"Báyìí," ni Alhaji wí, ó sì nà ró lórí àga. "Tí mo bá kọ ọ́ pé Jímọ̀ ò ṣeé ṣe, wọ́n á ní èwo ló wá ṣeé ṣe? Mi ò ní kọ ìbéèrè ránṣẹ́. Ìdáhùn ni mo máa kọ. Bá mi pe Shaji."

Lateefat pè é, ó gbé fóònù sáàárín àwọn méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, tìrẹ̀lẹ̀ tọ̀wọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Alhaji bi í bóyá ó lè ṣeé ṣe kí àwọn baladiya wá ní Ọjọ́bọ̀.

"Lọ́la?" ni Shaji wí. "Ó rọrùn, boss. Wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé wa kejì láàárọ̀ ọ̀la, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín gan-an. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún tiyín náà láyè, bóyá ẹ máa nílò rẹ̀."

Alhaji àti Lateefat wo ara wọn.

"O ti bẹ̀ wọ́n? Ìgbà wo?"

"Nígbà tí mo rí Friday nínú ìmeèlì yín, bhai. Mo ní há, Mr. Muraina ní wasta tó lágbára. Ọkùnrin ńlá kan á wá ṣí baladiya fún un lọ́jọ́ ìsinmi. Lẹ́yìn náà mo ní, tí wasta ò bá wá ńkọ́? Ni mo bá mú Thursday dání."

Lateefat fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́. Alhaji ò bo tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. "Shaji, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Boss, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n. Ẹ sì tún kọ ìkejì, ẹ ní kò sí àyípadà. Ta ni èmi?"

Alhaji fi ìka kan kọ ìmeèlì náà lórí fóònù rẹ̀, ó ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó yí àkọlé padà, kí ẹni tó bá kánjú má bàa fò ó: ìbẹ̀wò Saja'a ti di Ọjọ́bọ̀. Ó kọ ọ́ pé Shaji ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Pé ìjọba Sharjah kì í ṣiṣẹ́ láti Jímọ̀ di Sọ́ńdè, torí náà ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Pé ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ni iná á dé, kíkó ẹrù ò sì yí padà. Pé òun Mùráínà fúnra òun máa wà níbẹ̀. Ó wá dúró.

"Ṣé kí n tọrọ àforíjì?"

Lateefat rò ó. "Kí wọ́n mọ èyí tí wọ́n máa tẹ̀ lé ló ṣe pàtàkì sà."

Ó tún tẹ̀ ẹ́: ẹ fi èyí rọ́pò àwọn méjì tí mo kọ láàárọ̀. Ó tán. Kò purọ́, kò sì wólẹ̀. Ó fi ránṣẹ́.

Nígbà tí Lateefat gòkè padà, Gabriel ti ń na ìka rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ tẹ dùùrù. Ó rí ìmeèlì tuntun náà. Ó kà á. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo bi í léèrè ni."

"O ti kọ́kọ́ bi í láàárọ̀!"

"Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè," ni Lateefat wí, ó sì jókòó.

Ìdáhùn Phoebe wọlé kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Ó dúpẹ́. Ó ní ó dára bí wọ́n ṣe fà á súnmọ́. Kò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lateefat kà á títí, ó ń wá ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ó dára bí wọ́n ṣe fà á súnmọ́. Ṣé ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á? Ojú gíláàsì yẹn ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji lọ sí Sharjah. Gbogbo ọ́fíìsì ló sọ ọ́ bí ìròyìn: Alhaji lọ sí Sharjah! Ọ̀sán ni fóònù Lateefat dún. Afẹ́fẹ́ Saja'a ń pariwo létí rẹ̀, àti ohùn àwọn ọkùnrin tó ń fa nǹkan wúwo.

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i," ni Alhaji wí. "Wọ́n wo ibi iná, wọ́n wo ibi ìdáná, wọ́n ka bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ó dáa. Àwọn oníná ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ pé Sátidé ò yẹ̀."

"Alihamudulilai. Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ṣé ooru ò pọ̀?"

"Ṣé ooru nìyí? Iná ni." Ó kúrò nídìí ariwo. "Lateefat."

"Sà."

"Nígbà tí o gbé tíì wá bá mi nínú mọ́tò lánàá. Ìbéèrè tí o bi mí yẹn. Ṣé o fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni, àbí o kàn ń wá ọ̀nà tí o máa gbà wọlé sí mi lára?"

Lateefat ronú. Ó yẹ kí ó dáhùn dáadáa. "Méjèèjì ni sà. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ ò ṣàṣìṣe rárá, mo ṣì fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Alhaji mí. Ó dún bí ẹ̀rín. "Phoebe pè mí láàárọ̀. Ó ní kí n mú ìwé àdéhùn mi wá ní Mọ́ńdè, kí òun buwọ́ lù ú."

"Ha! Ẹ kú oríire sà!"

"Hm. Ó ní òun ì bá wá bá mi níbí gan-an, torí ọ̀nà ibí kò ṣòro látilé òun. Ó ní Nahda lòun ń gbé."

Lateefat dìde dúró láìmọ̀. Nahda wà ní Dubai. Nahda wà ní Sharjah. Títì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ẹni tó bá ń gbé ti Dubai lè má mọ̀ nípa Jímọ̀ láéláé. Ẹni tó bá ń gbé ti òdìkejì ti mọ̀ látìgbà tó ti ka ìmeèlì àkọ́kọ́, ó sì jókòó sẹ́yìn gíláàsì rẹ̀, ó ń wo ẹni tó máa sọ̀rọ̀ àti bó ṣe máa sọ ọ́.

"Alhaji, Nahda wo? Ti Dubai àbí ti Sharjah?"

"Mi ò bi í."

"Ẹ ò bi í kẹ̀? Sà!"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ni Alhaji wí, ìdùnnú sì wà lóhùn rẹ̀. "Ìwọ lo ń bi èèyàn ní nǹkan. Ọ́fíìsì rẹ̀ ló wà níwájú rẹ yẹn. Lọ ra tíì."